Ta Ló Kọ Ìwé Yìí?

Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo yan iṣẹ́ ìṣirò owó, ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ọjà rò ni pé n óò máa jókòó sí báńkì, n óò sì máa ka owó. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ayẹ̀wé-owó-wò káàkiri ni wọ́n tó mọ̀ pé owó kíkà kọ́ ni iṣẹ́ wa. Ìbéèrè ni iṣẹ́ wa. A lè dé ilé-iṣẹ́ tí ohun gbogbo ti wà létòlétò nínú ìwé, síbẹ̀ a ó máa bèèrè pé ta ló kọ ìwé yìí, ta ló fojú rí ọjà náà, ọwọ́ ta sì ni owó rẹ̀ dé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọjà bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé olè ni gbogbo èèyàn lójú yín ni?" Mo ní, "Rárá o, mà. Ẹni tó bá jẹ́ olóòótọ́ gan-an, ìbéèrè wa ló ń fi òótọ́ rẹ̀ hàn." Oníbàárà dé, ọ̀rọ̀ náà sì dúró síbẹ̀. Àlàyé tí mi ò rí àyè ṣe fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ ṣe níhìn-ín.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n ìfura tí kò mọ ibi tí òun ń wò, ìbẹ̀rù lásán ni. Ẹni tó kọ́ àwa oníṣirò owó ní ibi tí a ó máa wò ni ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn, Donald Cressey. Ó lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì bá àwọn tí wọ́n kó owó oníowó jẹ sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àwọn ìgárá olè ló wá lọ. Àwọn tí wọ́n gba iṣẹ́ pẹ̀lú ọkàn rere ló wá, àwọn tí a fọkàn tán, tí wọ́n wá dalẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọdún 1953 ni ìwé rẹ̀ jáde. Ó rí i pé ohun mẹ́ta ló pàdé lára wọn kí wọ́n tó nawọ́ sí owó. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló ya ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí àwòrán onígun mẹ́ta, tí a wá ń pè ní igun mẹ́ta jìbìtì.

Igun kìíní ni ìnira. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òṣì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Cressey rí jìn ju òṣì lọ. Ìṣòro owó tí ẹni náà kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ló rí. Ẹni tó bá lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ pé, "Ẹ gbà mí, owó ilé ìwé ọmọ ti wọ̀ mí lọ́rùn," ó ti ní ọ̀nà àbáyọ. Ṣùgbọ́n kí ni ti olóyè tó jẹ gbèsè nítorí ìnáwó, tí ojú sì ń tì í láti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹbí? Kí ni ti ọ̀gá tó ti ṣèlérí èrè ńlá, tí èrè náà kò sì yọ? Ìtìjú ló ń pa wọ́n lẹ́nu dé, ìdákẹ́ náà ló sì ń sọ ìṣòro di ewu.

Igun kejì ni àyè. Ẹni náà rí i pé ipò tí wọ́n fi òun sí lè yanjú ìṣòro náà ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Igun kẹta ni àwíjàre, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ fún ara rẹ̀ kí ó má bàa rí ara rẹ̀ bí olè. "Mo kàn yá a ni, n óò dá a padà." "Wọ́n ń jẹ mí lówó oṣù, ẹ̀tọ́ mi ni mo mú." "Nítorí ilé-iṣẹ́ ni mo ṣe ń ṣe é." Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú èyí ni pé àwíjàre kì í dúró di ìgbà tí ọwọ́ bá ba ẹni náà. Kí ó tó nawọ́ ló ti ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí ó lè nawọ́.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má bàa jẹ́ ti ìwé nìkan, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa wá. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé kan ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí agolo Bournvita kò wọ̀ rí. Cadbury Nigeria, tó ń ṣe é ní Ìkejà, jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú ń ra ìpín rẹ̀ ní ọjà ìdókòwò ní Èkó. Ní ọdún 2006, Cadbury Schweppes ti ìlú Ọba, tó jẹ́ ilé-iṣẹ́ ìyá, fi kún ìpín tirẹ̀ títí ó fi kọjá ìdajì. Kí ọdún náà tó parí, ìgbìmọ̀ olùdarí kéde pé wọ́n ti bu iyọ̀ sí ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún bíi mélòó kan. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ ìṣirò mìíràn, PricewaterhouseCoopers, láti tú u wò. Iye tí wọ́n fi bu iyọ̀ náà wà láàárín bílíọ̀nù 13 sí bílíọ̀nù 15 náírà. Ọ̀gá àgbà àti olórí ìṣirò owó kúrò níbi iṣẹ́.

Àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, SEC, ṣe ìwádìí tirẹ̀, ó sì gbé ìpinnu rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Ó dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n gbà yí ìwé náà: wọ́n ń di ọjà lé àwọn oníbàárà lórí, wọ́n ń ra ọjà tí wọ́n ti tà padà, wọ́n ń ti ìnáwó ọdún yìí sí ọdún tó ń bọ̀, wọ́n sì ń lo ìwé ẹ̀rí èké tí wọ́n sọ pé ó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó ohun èlò wá fún wọn. Àwọn ayẹ̀wé-owó-wò tó fọwọ́ sí ìwé náà ni Akintola Williams Deloitte, ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ pé nígbà náà, ó ń jẹ́ orúkọ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣirò owó àgbà. Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. SEC ní kí ilé-iṣẹ́ náà san owó ìtanràn mílíọ̀nù 20 náírà.

Báwo ni èèyàn ṣe ń di ọjà lé oníbàárà lórí? Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sí Ìtòkú, nítorí ibẹ̀ ló ti yé èmi náà. Ẹ fojú inú wo aláàdìrẹ kan tó ti ṣèlérí fún àwọn tó bá a dá owó òwò jọ pé òun yóò ta ọjà mílíọ̀nù 2.5 náírà lọ́dún. Ọdún ń parí lọ, mílíọ̀nù 2 péré ló tà. Ojú ń tì í láti sọ. Ní ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, ó di àdìrẹ 100, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 5,000 náírà, ó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀ kan ní Lafẹ́nwá. Ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ sanwó báyìí. Èyí tí ẹ ò bá rí tà, n óò wá kó o tó bá di oṣù Kìíní." Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ta ọjà 500,000 náírà. Ọjà ọdún náà pé mílíọ̀nù 2.5. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́.

Nínú oṣù Kìíní, oníbàárà ti ta 20, ó dá 80 padà. Ohun tí aláàdìrẹ tà ní tòótọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 2.1. Irọ́ ni 400,000 tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń dúró dè é. Ọdún tuntun kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo mọ́, inú kòtò 400,000 ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọjà tó padà wálé. Bí ó bá tún ta mílíọ̀nù 2.1 ní tòótọ́, mílíọ̀nù 1.7 ni yóò hàn. Kí ó tó lè dé 2.5, àní bí kò tiẹ̀ fẹ́ kí òwò gbòòrò, ó ní láti di ọjà 800,000 jáde. Ọjà tó dì jáde, tó jẹ́ 500,000 lọ́dún àkọ́kọ́, ti di 800,000 lọ́dún kejì. Bí irú jìbìtì yìí ṣe ń rí nìyẹn. Ó máa ń dàgbà fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré fi lè di bílíọ̀nù.

Níbí ni ẹ ti lè rí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlérí tí kò ṣẹ ni ìnira. Àyè ni pé òun nìkan ló ń kọ ìwé, òun nìkan ló sì mọ àdéhùn tó bá oníbàárà ṣe. Àwíjàre ńkọ́? "Ọjà máa tà lọ́dún tó ń bọ̀, mo kàn yá díẹ̀ nínú rẹ̀ wá sí ọdún yìí ni." Kò mú kọ́bọ̀ sápò. Bóyá ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ó rí ara rẹ̀ bí ẹlẹ́tàn.

Báyìí, kí ni ayẹ̀wé-owó-wò yóò ṣe? Bí ó bá kàn bi aláàdìrẹ pé, "Ṣé ẹ ta ọjà yìí lóòótọ́?" bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́ ìdáhùn. Bí ó bá ní kí ó fi ìwé hàn òun, ìwé wà. Bí ó bá tiẹ̀ kọ lẹ́tà sí oníbàárà ní Lafẹ́nwá pé, "Ṣé ẹ jẹ ẹ́ ní 500,000?" oníbàárà lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ní oṣù Kejìlá. Ìbéèrè tó yẹ ni pé, "Kí ni àdéhùn yín? Ṣé ẹ lè dá ọjà náà padà?" Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí ó kúrò nínú ìwé ọdún tó ń yẹ̀ wò, kí ó ṣí ìwé oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Ọjà wo ló padà wálé? Owó wo ló wọlé? Ọjà tí a tà lóòótọ́ máa ń mú owó wá, ọjà tí a dì léni lórí máa ń padà wá sílé. Ó tún yẹ kí ó tẹ́ oṣù méjèèjìlá síwájú ara wọn. Bí oṣù Kejìlá bá yọ gọngọ láàárín wọn, bóyá ọdún Kérésì ló fà á, ṣùgbọ́n bí oṣù Kìíní bá jìn wọ kòtò lẹ́yìn rẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin tí SEC dárúkọ ló máa ń mú mi ronú jù, ìyẹn ìwé ẹ̀rí èké. Wọ́n kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í ṣe ará ilé lágbára ju ọ̀rọ̀ onílé lọ. Bí ìyá mi bá sọ pé òun ní aṣọ funfun 200 lọ́dọ̀ aláró kan ní Kẹ́mta, mo lè ní n óò gbàgbọ́ bí aláró náà bá fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí mò ń yẹ ìwé rẹ̀ wò ló gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́ ńkọ́? Nígbà náà, ọ̀rọ̀ onílé náà ni, aṣọ àlejò ló kàn wọ̀. Kí ìwé ẹ̀rí tó tó nǹkan, èmi fúnra mi ni mo ní láti wá àdírẹ́sì aláró, èmi ni n óò fi lẹ́tà ránṣẹ́, ọwọ́ mi tààrà sì ni èsì gbọ́dọ̀ dé. Bí iye náà bá pọ̀, n óò gun ọ̀kadà lọ sí Kẹ́mta kí n lọ ka aṣọ náà. N óò sì tún fi ojú wọn ilé rẹ̀: ṣé ẹni tó ní ìkòkò aró mẹ́ta lè ní aṣọ 200 nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ìbéèrè yìí kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n ó lè ju ìwé mẹ́wàá lọ.

Mo rí bí èyí ṣe ń rí nígbà tí mo tẹ̀ lé ọ̀gá mi lọ ka ọjà ní ilé ìpamọ́ oúnjẹ adìyẹ kan ní ìlú wa. Àpò tò gègèrè dé òkè àjà. Bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fẹ́ ká fọwọ́ sí i kí oòrùn tó mú. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ àpò mélòó kan kúrò láàárín, ká rí i bóyá inú rẹ̀ kún." Inú bàbá náà kò dùn. Wọ́n yọ àpò ibi mẹ́rin tí ọ̀gá mi fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí. Kò sí ihò láàárín, àpò kankan kò ní ìyẹ̀pẹ̀ nínú, iye tí bàbá kọ sì pé géérégé. Bí a ṣe ń bọ̀, mo bi ọ̀gá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fura sí bàbá yẹn ni?" Wọ́n ní, "Rárá. Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ sí i láìwò, kí ni ìyàtọ̀ ìwé tèmi sí ìwé tiwọn?" Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìfura oníṣirò owó kì í ṣe ẹ̀sùn, ó sì lè bá ìkíni àti ọ̀wọ̀ rìn.

Nínú igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àyè nìkan ni ọwọ́ wa lè tó dáadáa. A ò lè wọ inú ọkàn èèyàn lọ wo ìnira tàbí àwíjàre rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ọjà, èèyàn lè pín àyè náà kù: kí ẹni tó ń gba owó má ṣe jẹ́ ẹni tó ń kọ ìwé, kí ẹlòmíràn sì máa fi ìwé wé ti báńkì lóṣooṣù. Kí akápò máa lọ sinmi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹlòmíràn di ìwé náà mú fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí jìbìtì tó nílò àtúnṣe lójoojúmọ́ kò lè farada ìsinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní òpin. Bí akápò àti akọ̀wé bá gbìmọ̀ pọ̀, ọwọ́ méjì ti di ọ̀kan. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ń ṣe é ni ọ̀gá pátápátá, òun ló ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn tí a fẹ́ tì.

Nítorí èyí ni ìlànà àgbáyé tí a fi ń yẹ ìwé wò, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 240, fi sọ pé ewu pé ọ̀gá lè fo ìlànà dá wà ní gbogbo ilé-iṣẹ́, bó ti wù kí ó rí. Ó ní kí a máa yẹ àkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ ní ìparí ọdún wò, kí a wo iye tí ọ̀gá kàn fojú díwọ̀n, kí a sì bèèrè ìdí òwò tó bá ṣàjèjì. Ó tún sọ pé kí a má ṣe gbé ìfura sílẹ̀ nítorí pé a ti mọ àwọn ọ̀gá náà ní olóòótọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló nira jù. Ọdún mẹ́wàá tí ẹnì kan fi ṣe òótọ́ jẹ́ ìdí láti bọ̀wọ̀ fún un, kì í ṣe ìdí láti má ka ọjà.

Ẹ má ṣe gbàgbé pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ìnira, tí àyè sì wà níwájú wọn, tí wọn kò mú kọ́bọ̀. Igun mẹ́ta kò lè sọ fún wa pé lágbájá jalè. Ibi tó yẹ kí a ti túbọ̀ béèrè nìkan ló ń fi hàn wá. Bí mo bá gbọ́ tí ọ̀gá kan ní, "A ò gbọ́dọ̀ kùnà iye tí a ṣèlérí lọ́dún yìí," mi ò ní pè é ní olè. Ìwé oṣù Kìíní ni n óò kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá fún mi.